Ìlà Tí Kò Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Mu

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ mímọ́ ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́gbin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìka Iná fún yín.

Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ ìfọṣọ kan. Kì í ṣe ibi tí ẹ máa gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lọ o. Aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn àti ti àwọn ilé ìtura ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, ẹrù ńlá ńlá. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á wá kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ ìlọṣọ kan tó gùn tó yàrá, tó ní irin róbótó gbígbóná méjì tó ń yí lórí ara wọn. Ariwo ẹ̀rọ yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ nísàlẹ̀. Lókè, lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì, ariwo tí ẹ máa gbọ́ ni ti ìka ọmọbìnrin yìí lórí kíbọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó pa ẹnu dé, ó ti tẹ ohun tí ẹ sọ tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìka Iná, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Nígbà ìpàdé, ìtẹ̀kútẹ̀ẹ́ ló máa ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó gé lórí, ọ̀rọ̀ tó gé ní ìrù, kò sí ẹni tó ṣe é, kò sí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá ti parí, á fà á síwájú bí ìyàwó ilé tó fẹ́ ṣa ìrẹsì, á sì sọ ọ́ di ìlà tó tò, dọ́ọ̀tì dúdú kọ̀ọ̀kan níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún un ní “ọṣẹ ti tán”, “ẹ pe ẹni tó ń tún páìpù ṣe”, “bọ́tìnnì àwọn aṣọ dókítà ń kọ́?” Á fún yín padà: Ra ọṣẹ. Tún páìpù ṣe. Wá bọ́tìnnì. Ìròyìn kan, iṣẹ́ rírán kan, ìbéèrè kan, gbogbo wọn ti di àṣẹ, wọ́n ń rìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá fi iṣẹ́ ṣíṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìyókù á fi iṣẹ́ ṣíṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi àmì ìdúró parí, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ parí lórí òfo.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì máa ń wá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ní, “Ìlà tí kò bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, ẹ tún un bí. Bí kò bá ṣeé tún bí, ẹ sin ín.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà tí kì í sọ fún wọn. Olùkọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni a ń kó sí abẹ́ àkọlé kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹnìkan ní ó ṣẹlẹ̀, ohun tí a kò mọ̀ sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Kọ́kọ́ pín wọn kí o tó tò wọ́n, olùkọ́ yẹn wí. Ó tún ní, má ṣe tẹ iṣẹ́ tuntun lé orí nóòtì. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án. Èyí ni Ìka Iná kò kà sí. Orí nóòtì gan-an ló máa ń tún un ṣe, á pa ìlà kan rẹ́, á tẹ òmíràn sí ojú ibẹ̀, títí kò fi ní sí ìdọ̀tí kankan mọ́. Ó ní ẹni tó ti wẹ̀ tán kì í tọ́jú omi ìwẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín púpọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ẹni tó mú un wọ ilé-iṣẹ́ náà ni Bàbá Ẹ̀rọ, bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá Ìka Iná ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ilé Bàbá Ẹ̀rọ ló gbé dàgbà. Ìyàwó bàbá yìí ló ń di irun rẹ̀ lọ sí iléèwé, òun náà ló sì ń pè ní Màmá. Bàbá Ẹ̀rọ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀gá, ó ní, “Sà, ọmọ mi kan wà nílé, ọwọ́ rẹ̀ yá.” Ẹnu kan ni bàbá náà ní. Kò lè kọ ju orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n bó bá fi etí lé ẹ̀rọ, á sọ ibi tó ń dùn ún. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù díẹ̀. Ó ti ń wá ohun tó máa gbìn sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ẹ̀rọ ìlọṣọ jẹ ọwọ́ ọmọbìnrin kan.

Irin ààbò kan wà níwájú ẹ̀rọ náà. Bí ọwọ́ bá kan án báyìí, ẹ̀rọ á dúró gbọn-in. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ ò dúró. Òṣìṣẹ́ tuntun ni ọmọbìnrin náà, kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ń fọ aṣọ fún, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ ibùsùn tí òun fúnra rẹ̀ ti kì bọ ẹ̀rọ. Ìka mẹ́ta ló ṣẹ́kù sí ọwọ́ náà.

Ọ̀gá pe ìpàdé kí iná ẹ̀rọ tó tutù. Bàbá Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ọ̀gá gbọ́. Ìka Iná tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí gbogbo wọn dìde rèé, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an:

irin ààbò ò ṣiṣẹ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan
bàbá ẹ̀rọ sọ fún ọ̀gá. ọ̀gá ní tó bá yá
ọ̀gá ní kí iṣẹ́ máa lọ, aṣọ ilé ìwòsàn pọ̀
irin tuntun ò sí ní sítọ́ọ̀, ta ló yẹ kó rà á?
ọmọ yẹn ò tíì gba ẹ̀kọ́
kàdì àyẹ̀wò ẹ̀rọ ò kún
ṣé ẹnikẹ́ni tètè pa iná?? kò dá wọn lójú

Ọ̀gá ní kó wá. Ìkà ọ̀gá yìí kò sí nínú ariwo, torí kì í pariwo; kì í tilẹ̀ bínú. Bí ẹ bá ń sunkún níwájú rẹ̀, á ti àpótí tíṣù sún mọ́ yín, á sì máa bá ohun tó ń sọ lọ.

“Olú ilé-iṣẹ́ ń rán obìnrin kan bọ̀,” ó ní. “Kì í ka ìtàn. Ojú ewé kan, ìlà tó tò. O mọ irú ẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ pín in sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí oníkálukú sọ, àti ohun tí a ò tíì mọ̀. Tí mo bá pín in tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá ní—”

“Ọ̀nà kan.”

“Sà, kò lè wọ ọ̀nà kan. Ìbéèrè wà nínú ẹ̀, àwọn míì sì jẹ́ pé—”

“Ìwọ lò ń sọ pé kò lè wọ̀?” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ṣé kí n sọ fún wọn kí wọ́n máa pè ẹ́ ní Ìka Yìnyín ni?”

Ìka Iná rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

“Ìwé tó máa sọ ẹ́ di òṣìṣẹ́ gidi wà lórí tábìlì mi níbí,” ọ̀gá tún wí, ó ń gbé bébà kan kúrò lórí òmíràn. “Bírò ni mo ń wá.”

Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni Ìka Iná láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ẹni tó ń kọ́ gbogbo ọ́fíìsì níṣẹ́, òun nìkan ni wọ́n lè sọ fún pé kó má wá mọ́ lọ́la. Ó jáde, ó jókòó, ó na ìka rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣe é lọ́nà tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ó sọ gbogbo ìlà di orúkọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó: Àìṣiṣẹ́ irin ààbò. Àìsí irin tuntun ní sítọ́ọ̀. Àìkọ́ òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́. Àìkọ kàdì àyẹ̀wò. Ó tò, ó dára, ó ń dún bákan náà ní etí, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ó fa méjì tó kan ọ̀gá sí ìsàlẹ̀ ná, pé òun á wá ibi tí òun máa fi wọ́n sí. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ.

Ọ̀gá kà á. “Irin ló ṣe aláìṣiṣẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dáa. Ẹ lọ pe irin náà wá, ká lé e lọ sílé.” Ó dá bébà náà padà fún un. “Ohun tí ẹnìkan ṣe ni wọ́n ń fẹ́. Fi ‘Ó’ bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.”

“Ta ni ‘Ó’ náà, sà?”

Ọ̀gá wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó bi í pé kí ni omi. “Ta ló ń tọ́jú ẹ̀rọ?”

Ẹ̀yin ẹ máa rò pé ibí yìí ló ti yẹ kó dìde. Ẹni tó bá jókòó sílé ló máa ń rọrùn fún láti dìde. Ìka Iná padà sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó dá àwọn ìlà padà sí bó ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n, ó kọ àkọlé sókè, Ohun Tí Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ẹ̀rọ Ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa nóòtì rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ tuntun sójú ibẹ̀.

Kàdì kò kún. Ó di: Ó fi kàdì àyẹ̀wò ẹ̀rọ sílẹ̀ láìkọ. Èyí kò nira. Bàbá kì í fẹ́ràn kàdì, gbogbo ènìyàn ló mọ̀.

Ọmọ yẹn kò tíì gba ẹ̀kọ́. Ó di: Ó gba òṣìṣẹ́ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ láàyè nídìí ẹ̀rọ. Kì í ṣe Bàbá ló ń pín àwọn ọmọ sí ìdí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó sì rí i, ó sì gbà á láàyè. Ẹni tó bá wà níbì kan tó dákẹ́ ti gbà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Irin tuntun kò sí, ta ló yẹ kó rà á? Ìbéèrè kì í jókòó láàárín ìròyìn. Ó di: Ó lo ẹ̀rọ láìní irin ààbò mìíràn nípamọ́.

Ṣé ẹnikẹ́ni tètè pa iná, kò dá wọn lójú. Níbí, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ohun tí kò dáni lójú kò ní ìrísí. Bí ẹ bá fi “Ó” sí iwájú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́: Ó pẹ́ kó tó pa iná. Ó kà á. Ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu.

Ó wá ku àwọn ìlà méjì tó ti fà sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ní kí iṣẹ́ máa lọ. Ìyẹn kúkú yá: Ó jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló yọ, “Ó” kan ṣoṣo ló fi rọ́pò. Ṣùgbọ́n “bàbá ẹ̀rọ sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní tó bá yá”, èyí dúró síbẹ̀ bí eyín tó yọ lójú ìlà. Ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ ohun rere, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó gbìyànjú “Ó sọ fún ọ̀gá”, ó rí i pé ó ba gbogbo ìlà jẹ́. Ẹni tó bá ka èyí kò tún ní ka àwọn yòókù bí wọ́n ṣe fẹ́ kó kà wọ́n mọ́.

Ọ̀gá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ife tíì lọ́wọ́. Kò dúró. “Kí lo máa ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn nípa ìlà tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu?” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò ní kó sin ín. Kò ní kó tún un bí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn dáadáa, torí nígbà tó yá, nígbà tí Ìka Iná ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù, kò rí ọ̀rọ̀ kan mú nínú ohun tí ọ̀gá sọ.

Ó ronú. Ẹni tó bá lọ sọ fún ọ̀gá pé irin ti bàjẹ́, ṣé kò mọ̀ pé irin ti bàjẹ́ ni? Ó mọ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìka rẹ̀ sáré, ó pa ìlà yìí àti ìlà àkọ́kọ́ nóòtì pọ̀ di ọ̀kan: Ó mọ̀ pé irin ààbò ti bàjẹ́.

Ó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó fi. Ó gbà. Ó lo. Ó pẹ́. Ó jẹ́ kí. Ó mọ̀. Ó ń lọ geere, kò sí ibi tí ahọ́n ti kọsẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ má sì bá mi jiyàn: inú rẹ̀ dùn. Kò rántí Bàbá rárá ní ìṣẹ́jú yẹn. Iṣẹ́ tó dára ló rí, ó sì dùn mọ́ ọn, bó ṣe máa ń dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó pa á mọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì tì í.

Ìgbà tó ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló pàdé Bàbá Ẹ̀rọ lórí àtẹ̀gùn.

“Ọmọ mi,” bàbá náà ní, “ṣé o tẹ ohun tí mo sọ? Ibi tí mo ti ní mo sọ fún wọn?”

“Mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

“Ó dáa nígbà yẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwọ wà níbẹ̀.” Ó gbá a léjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìka Iná sáré padà sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí i. Ìlà tó tò ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó wá nóòtì lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó wo inú àpótí ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà. Omi ìwẹ̀ ti lọ. Ó lè tẹ̀ ẹ́ padà láti orí, kò kúkú gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́, ó sì gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á tán. Ó mú bírò jáde nínú àpò àyà rẹ̀, níbi tó ti wà láti àárọ̀, ó sì bọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ fọwọ́ sí ìwé tí ẹ mọ̀.

Obìnrin tó wá láti olú ilé-iṣẹ́ kò burú. Kí ẹ má rò pé ó burú. Ó ní sùúrù, ó kí gbogbo ènìyàn, ó ní kí wọ́n gbé àga fún Bàbá Ẹ̀rọ. Ó ka àwọn ìlà náà sókè, ohùn rẹ̀ kò sì gòkè bẹ́ẹ̀ ni kò wálẹ̀, torí pé ìlà náà fúnra rẹ̀ kò gòkè kò wálẹ̀. Ní ìlà kẹta, àwọn obìnrin tó wá jẹ́rìí ti ń mi orí. Ní ìlà tó kẹ́yìn, wọn ò wo ojú Bàbá mọ́. Àwọn náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà o, wọ́n mọ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n “Ó, Ó, Ó” yẹn ti wọ̀ wọ́n létí.

“Bàbá, kí lẹ rí sọ sí i?” obìnrin náà bi í.

“Mà, mo sọ fún ọ̀gá. Kí ọwọ́ ọmọ yẹn tó wọ ẹ̀rọ, mo ti sọ fún wọn pé irin yẹn ò dára. Mo ní ẹ jẹ́ ká dá a dúró. Wọ́n ní tó bá yá.”

Obìnrin náà wo bébà, ó yí i lójú. “Mi ò rí ìyẹn níbí, Bàbá. Ohun tí mo rí ni pé ẹ mọ̀.”

“Mo mọ̀ kẹ̀! Torí pé mo mọ̀ ni mo ṣe sọ!”

“Ṣé ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn?”

“Mo sọ ọ́. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í.”

Gbogbo ojú yí sí Ìka Iná. Ọ̀gá nìkan ni kò wò ó. Ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń tún ṣe.

“Akọ̀wé,” obìnrin náà ní, “ṣé ó wà nínú nóòtì?”

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè gba bàbá yẹn là, kò sì gùn ju “bẹ́ẹ̀ ni, mà” lọ. Ìka Iná la ẹnu. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní nóòtì náà dà? Bó bá ní òun pa á rẹ́, wọ́n á ní ta ló ní kí o pa á rẹ́? Kò sì sí ẹni tó ní kó pa á rẹ́. Á wá di pé akọ̀wé tó dára jù nínú ilé-iṣẹ́, tí bírò kò tíì gbẹ lórí ìwé rẹ̀, ló ba ẹ̀rí jẹ́.

“Nóòtì náà ló di ìwé yìí, mà,” ó wí.

Òótọ́ ni. Kò sí ohun tó tún jẹ́ òótọ́ jù ú lọ nínú yàrá náà.

“Ó dáa,” obìnrin náà ní. Ó tún bébà náà wò. “Mo máa sọ ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ yìn ọ́ níwájú ọ̀ràn tó burú báyìí, àmọ́ kì í wọ́pọ̀ kí n rí èyí tó mọ́ tó báyìí.”

Bàbá Ẹ̀rọ ń wo Ìka Iná. Kò bínú. Ó tẹ etí sílẹ̀ sí i díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹ̀rọ tó bá ń dún lódìlódì. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò. Wọ́n lé e. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń retí bá iṣẹ́ náà lọ. Kò sí ẹni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, torí aṣọ ilé ìwòsàn pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Ìka Iná lọ sílé wọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń lọ tù wọ́n nínú. Irọ́ ni. Bí kò bá lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ìdí tí kò fi wá.

Màmá gbá a mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń tú rédíò kékeré kan tí kò bàjẹ́. Ó dáhùn ìkíni, kò gbé orí sókè.

“Ọpẹ́lọpẹ́ pé o wá,” Màmá ní. Ó ti na ìwé kan sí i, ìwé tó ní àmì ilé-iṣẹ́ lórí. “Gíláàsì mi ti fọ́ láti ìjẹta. Bàbá ẹ ní òun ò rí ẹni kà á fún òun, ó dẹ̀ ní kí n má fi han ará ilé kankan. Mo ní ìwọ kì í ṣe ará ilé kankan, ọmọ wa ni ẹ́. Kà á fún mi, kí n mọ ohun tó ṣe fún wọn.”

“Mà, ìwé lásán ni. Ẹ jẹ́ ká—”

“Kà á, jàre. Ìwọ lo mọ̀wé jù nínú ilé yìí.”

Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ sọ lókè. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kàn gbé ìlà rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wà, dọ́ọ̀tì rẹ̀, àmì ìdúró rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ohun tó fẹ́ tún ṣe nínú rẹ̀. Ìka Iná bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

“Ó fi kàdì àyẹ̀wò ẹ̀rọ sílẹ̀ láìkọ.”

“Ìyẹn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” Màmá ní. “Kì í fẹ́ràn ìwé.”

“Ó gba òṣìṣẹ́ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ láàyè nídìí ẹ̀rọ.”

“Ṣé òun ló ń gbà wọ́n síṣẹ́ ni?”

“Ó pẹ́ kó tó pa iná.”

“Ta ló fi aago wò ó?”

“Ó mọ̀...” Ó wúkọ́. “Ó mọ̀ pé irin ààbò ti bàjẹ́.”

Màmá dìde dúró. “Ó mọ̀ kẹ̀! Ṣebí òun ló sọ fún wọn! Ó wálé lọ́jọ́ náà, kò lè jẹun, ó ní òun ti sọ, wọ́n ò gbọ́, ó ní ẹ̀rù ń ba òun nítorí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Èmi gan-an ni mo ní kó lọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ibo ni wọ́n kọ ìyẹn sí? Ibi tó ti sọ fún wọn, kà á fún mi.”

“Kò sí níbí, Mà.”

“Wò ó dáadáa. Ó lè wà lẹ́yìn ìwé.”

Ìka Iná mọ̀ pé kò sí nǹkan lẹ́yìn ìwé náà. Síbẹ̀ ó yí i padà, torí Màmá dúró tì í, ó ń wò ó. Funfun ni. Ó di í mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé ó ń wá nǹkan.

“Ta ló kọ ọ́?” Màmá bi í.

“Ọ́fíìsì ni, Mà.”

“Ọ́fíìsì ní ọwọ́ ni? Ènìyàn ló jókòó tó kọ ọ́. Ènìyàn tí ìyá bí! Ọwọ́ tó kọ irú èyí nípa ọkọ mi, ọwọ́ náà kò ní—”

“Má ṣépè.”

Bàbá ni. Ó ti gbé rédíò náà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yí sí i, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

“Má ṣépè fún ọwọ́ yẹn,” ó ní, jẹ́jẹ́. “Àwa la bọ́ ọ.”

Màmá wo ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wo ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì ń ti orí wò ó bọ̀ títí ojú rẹ̀ fi dé ìka. Ó jókòó.

Ìka Iná gbé ìwé náà sórí tábìlì. Ìwé náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ níbi tó gbé e sí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sún un títí etí ìwé fi bá etí tábìlì mu.